Ó-Wà-Ńlẹ̀ àti Lẹ́tà Ìwọ̀n Jẹnẹrétọ̀

Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é mọ́. Ó-Wà-Ńlẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Á gbé ọ̀kan jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òwúrọ̀, á tẹ́ aṣọ tábìlì ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á ya fọ́tò mẹ́rin, á sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sí i bí ẹni ń ki ọba. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè ìbéèrè, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu: "Ó wà ńlẹ̀." Bí o béèrè bóyá ó lè gbé fìríìjì, ó wà ńlẹ̀. Bí o béèrè bóyá ariwo rẹ̀ pọ̀, ó wà ńlẹ̀.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèyàn burúkú. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í gba owó ẹni kó sá. Ó kàn gbàgbọ́ pé ìbéèrè ni ó ń ba ọjà jẹ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á rà, ẹni tó bá ń béèrè kò fẹ́ rà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó sórí àga oníke rẹ̀ láàárín àwọn páálí tó kó jọ dé òkè àjà, fóònù rẹ̀ sì dún. Ó ṣí i. Fọ́tò ni obìnrin kan fi ránṣẹ́ sí i, fọ́tò bébà onílà kan tí wọ́n fi bírò kọ̀wé sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àdírẹ́sì wà lókè lápá ọ̀tún, ọjọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé pẹ̀lú rúlà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Sí Olùtajà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí jẹnẹrétọ̀ pupa tí ẹ gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n kí n tó sanwó, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wọ̀n ọ́n dáadáa. Kì í ṣe páálí rẹ̀ o, ẹ̀rọ náà gan-an. Mo fẹ́ mọ gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tó yọ jù ní apá kan dé ibi tó yọ jù ní apá kejì, kí ẹ má fi irin ẹ̀gbẹ́ àti ìdérí táǹkì sílẹ̀. Bó bá ní táyà tàbí ọwọ́ ìfàgùn, kí ẹ sọ fún mi. Mo tún fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tí sàléńsà rẹ̀ wà, àti bó ṣe wúwo tó nígbà tí kò sí epo nínú rẹ̀, àti iye lítà tí táǹkì rẹ̀ ń gbà.

Ìdí ìbéèrè mi ni pé ẹ̀yìnkùlé ni mo máa gbé e sí, nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú ilé ń pa èèyàn. Wẹ́dà ti ṣe àgò irin kan fún mi mọ́ ara ògiri, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ga nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì nítorí àgbàrá. Ẹnu ọ̀nà àgò náà fẹ̀ ní àádọ́ta sẹ̀ntímítà, ó ga ní márùndínlọ́gọ́ta. Wẹ́dà ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun tó ju ọgọ́ta kílò lé e.

Ní ọdún tó kọjá, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ olùtajà mìíràn tó sọ fún mi pé 'kékeré ni, mà.' Kò wọlé. Oṣù márùn-ún ló fi jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo ń gé aṣọ lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ."

Ó-Wà-Ńlẹ̀ ka lẹ́tà náà dé ìdajì, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka àtàǹpàkò tẹ èsì rẹ̀: "Ó wà ńlẹ̀, mà."

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé. "Mo mọ̀ pé ó wà ńlẹ̀. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó mọ níwọ̀n, mà."

"Ìwọ̀n wo?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó tún gbé e. Kò sí oníbàárà tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó wo ọ̀tún wo òsì, ó rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà sí ara páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 64 x 48 x 50, kílò 46. Inú rẹ̀ dùn. Ó dà wọ́n kọ bó ṣe rí wọn, ó fi wọ́n ránṣẹ́, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

"Ẹ ṣeun," obìnrin náà kọ padà. "Ṣùgbọ́n páálí lẹ wọ̀n yẹn. Mo rí nọ́ńbà kan náà nínú fọ́tò yín kẹta, lára páálí tó wà lẹ́yìn. N kò ní gbé páálí sínú àgò."

Nígbà tó délé lọ́sàn-án láti jẹun, ó fi ẹjọ́ náà sun ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tíṣà sì ni gbogbo ayé ń pè é, àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Àkókò ìsinmi ni, ó wà nílé.

"Tíṣà, ẹni tó ń wá ìyàwó fẹ́ kì í béèrè tó báyìí," ó ní. "Ó kù kó ní kí n mú ìyá jẹnẹrétọ̀ wá kí òun rí i."

Tíṣà gba fóònù, ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tún un kà. "Lẹ́tà tó dára nìyí," ó sọ. "Kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Kí ló dé tí o ò wọ̀n ọ́n fún un?"

"N ò ní tépù."

"Ọdún mélòó lo ti ń ta ẹ̀rọ?"

"Ọdún mẹ́jọ."

Tíṣà dìde. Ó wọ yàrá, ó mú tépù aṣọ kan jáde láti inú agolo bísíkíìtì tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ abọ́ ọkọ rẹ̀. "Abéèrè kì í ṣìnà," ó ní. "Ẹni tí wọ́n bi, tí kò dáhùn, òun ló máa ṣìnà."

Ó-Wà-Ńlẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ pupa náà kúrò nínú páálí, ó sì kúnlẹ̀ ti í. Tépù náà ń lọ́ bí ejò. Ó wọ̀n gígùn, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tépù yí pẹ̀lú rẹ̀, ó wọ̀n ìbú. Ó wọ̀n gíga. Ní ti bó ṣe wúwo tó, ó ṣí ìwé pélébé tó wà nínú páálí, ó rí i pé wọ́n kọ kílò mẹ́tàlélógójì síbẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́: "Gígùn 60. Ìbú 17 àbọ̀. Gíga 46. Kò ní táyà. Kílò 43. Táǹkì lítà 15."

Èsì dé. "Ọ̀gá mi, ohun tó gùn ní ọgọ́ta, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún àbọ̀, pákó ni, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Ẹ yí tépù yín padà. Ẹ̀gbẹ́ íǹṣì lẹ kà."

Ó yí tépù padà. Mẹ́rìnlélógójì àbọ̀ ni. Ó fi ránṣẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Nígbà tí Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ pákó yìí lẹ́yìn náà, ó ní láti di ògiri mú kó tó lè rẹ́rìn-ín tán.

"Èyí dára," obìnrin náà kọ. "Kílò mẹ́tàlélógójì yẹn, ṣé ẹ wọ̀n ọ́n ni?"

"Ìwé ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Mo gbọ́ ohun tí ìwé sọ. Kí ni òṣùwọ̀n sọ?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti orí òṣùwọ̀n nìyẹn. Tíṣà ní ọ̀kan nílé, irú èyí tí èèyàn ń gùn ní ìdí balùwẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ti sanra. Ọkọ rẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ wálé nínú bárò. Wọ́n gbé e lé orí òṣùwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà.

"Ìwọ kọ́kọ́ gùn ún," Tíṣà sọ. "Lẹ́yìn náà, gbé ẹ̀rọ dání kí o tún gùn ún. A ó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì."

Ó gùn ún. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Méjìlélọ́gọ́rin."

"Òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́. Àádọ́rin ni mí."

"Àádọ́rin lo jẹ́ nígbà tí o fẹ́ mi. Gbé ẹ̀rọ."

Ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Táǹkì dí ojú rẹ̀, kò rí ilẹ̀, Tíṣà ló ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Méjìdínlọ́gọ́fà," Tíṣà kà. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ó ṣírò rẹ̀ lórí. "Mẹ́rìndínlógójì ni."

"Mẹ́tàlélógójì ni ìwé sọ."

"Mẹ́rìndínlógójì ni òṣùwọ̀n sọ. Kílò méje ló sọnù."

Wọ́n tún un ṣe. Kò yí padà. Ó-Wà-Ńlẹ̀ dá òṣùwọ̀n balùwẹ̀ lẹ́bi, nítorí pé òun náà lẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àádọ́rin. Ó gbé ẹ̀rọ sínú bárò, ó tì í lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò irin àlòkù ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ẹni tó ní òṣùwọ̀n ńlá tó ń dúró nílẹ̀.

Onírin náà wo jẹnẹrétọ̀ tuntun tó ń dán gbinrin, ó wo ojú ẹni tó tì í wá. "Ṣé dáadáa lo wà?" ó béèrè. "Gbèsè ni àbí àìsàn?"

"N kò tà á. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n ni."

"Gbogbo ẹni tó bá dé ibí ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé e lé orí òṣùwọ̀n. "Kílò mẹ́rìndínlógójì. Kò wúwo tó bí mo ṣe rò. Irú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ tí wọ́n gbé wá síbí lóṣù tó kọjá, mẹ́tàlélógójì ni, kò sì sí epo nínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Ó-Wà-Ńlẹ̀ lọ́kàn. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú páálí kejì, ó tì í wá, mẹ́rìndínlógójì. Ó mú ìkẹta, bákan náà ni. Onírin ń wò ó tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé bó bá jẹ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ tà, òun lè fi ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó ń rántí. Oníbàárà mẹ́ta ló ti ra irú ẹ̀rọ pupa yìí láti ìgbà tó gbà wọ́n. Àwọn méjì ti pè é. Ọ̀kan ní bí òun bá ti fi áyọ̀ọ̀nù sí i, iná á di bàìbàì. Èkejì ní ó ń gbóná, ó ń rùn bí rọ́bà. Ó ti dá àwọn méjèèjì lóhùn pé wọ́n ṣì ní láti jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ọwọ́ wọn ná.

Ó lọ pe Rìwáyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún ẹ̀rọ iná ṣe ní ojúlé kejì. Rìwáyà tú ìdérí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ náà. Wáyà tí wọ́n fi wé inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán bíi bàbà tòótọ́. Rìwáyà fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré ha ibì kan, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó wá wò ó. Lábẹ́ àwọ̀ pupa náà, funfun ni.

"Alumíníọ̀mù ni wọ́n rẹ ní bàbà," Rìwáyà sọ. "Nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Ó fúyẹ́ ju bàbà lọ dáadáa, kò sì gbé iná tó o. Bí wọ́n bá fi bàbà wé e, á wúwo bí ìwé ṣe sọ ọ́. Ibẹ̀ ni kílò méje rẹ wà."

"Kò lè jẹ́ pé ìwé ló ṣìkọ?"

Rìwáyà kò bá a jiyàn. Ó dá ìdérí padà, wọ́n gbé e síta, wọ́n da ọ́ìlì àti epo sí i, ó sì tan. Ó fi gílóòbù kan sí i, gílóòbù mọ́lẹ̀ roro. Ó wá fi sítóòfù iná mọ́ ọn, èyí tó ń jẹ tó kílówáàtì méjì. Kílówáàtì méjì àbọ̀ ni wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ náà, kò sì yẹ kó ni í lára. Gílóòbù náà pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, ẹ̀rọ ń mí gúlegúle, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, òórùn rọ́bà jíjó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Rìwáyà pa á.

"Ó dára fún gílóòbù," ó ní. "Àti rédíò, bí wọn ò bá yí i sókè jù."

Páálí mọ́kànlá ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó-Wà-Ńlẹ̀ jókòó láàárín wọn, fóònù lọ́wọ́. Ó kọ "Kílò 43 ni, mà." Ó wò ó. Tó bá jẹ́ àná ni, kì í ṣe irọ́, nítorí pé kò mọ̀. Èyí gan-an ló ń bí i nínú sí obìnrin náà: ó fi ìbéèrè gba àìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ti ń fi sùn dáadáa láti ọdún mẹ́jọ. Ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Nígbà tó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "báwo ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà?"

Tíṣà fún un ní bébà onílà. Ìwé kíkọ náà gbà á ní wákàtí kan àti bébà mẹ́rin, nítorí pé Tíṣà ń fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìgbẹ̀yìn, ohun tó kọ sí aránṣọ ni pé òun ti wọ̀n ẹ̀rọ náà lórí òṣùwọ̀n méjì, kílò mẹ́rìndínlógójì ni. Pé ìwé rẹ̀ sọ mẹ́tàlélógójì. Pé àwọn ti tú u, wáyà inú rẹ̀ kì í ṣe bàbà. Pé kò lè gbé áyọ̀ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìránṣọ pọ̀. Àti pé kó jọ̀ọ́ má rà á. Pé sàléńsà wà ní apá ọ̀tún bí èèyàn bá kọjú sí ojú ìbọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìparí, ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú sì ń ti òun pé òun kò mọ̀.

"Kí ni ojú ìbọ́kọ̀ọ̀kan?" Tíṣà béèrè.

"Ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀."

"Kọ 'ibi tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀.'"

Èsì aránṣọ kúrú. "Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó bá lè sọ pé òun ò mọ̀, mo lè bá a rajà. Bí ẹ bá rí èyí tó pé ìwọ̀n, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá dúró."

Ní ọjọ́ kejì, ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, ó kó páálí mọ́kànlá sínú rẹ̀, ó mú Rìwáyà dání, wọ́n lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ẹni tó ń tà fún un. Arúgbó ọkùnrin kan tó ga, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń ya ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá Àgbà ni gbogbo àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," Ó-Wà-Ńlẹ̀ sọ. "Ẹrù tí mo gbà kẹ́yìn kò wúwo tó."

Ọ̀gá Àgbà gbójú sókè láti ìdí tábìlì. "Láti ogójì ọdún tí mo ti wà lẹ́nu òwò yìí, ìráhùn tí mo ń gbọ́ ni pé ẹrù wúwo jù. Ìrẹsì lo rà ni, tí o fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Oníbàárà kan ló kọ lẹ́tà, sà."

Ó gbé fóònù fún un. Ọ̀gá Àgbà wọ ìgò ojú, ó ka lẹ́tà aránṣọ. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin náà ti ń gé aṣọ lórí jẹnẹrétọ̀ fún oṣù márùn-ún, ètè rẹ̀ mì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ojú ṣe. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà lé orí òṣùwọ̀n ilé ìkẹ́rùsí, kí wọ́n sì lọ mú ọ̀kan wá láti inú àwọn tó dé ní ọdún tó kọjá. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì nínú páálí. Àwọ̀ kan náà, irin kan náà, orúkọ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ kílò mẹ́rìndínlógójì, èkejì jẹ́ mẹ́tàlélógójì àti díẹ̀. Rìwáyà tú ẹ̀yìn méjèèjì, ó sì fi ọ̀bẹ ha wáyà wọn níwájú rẹ̀. Ọ̀kan funfun nínú, èkejì pupa dé ọkàn.

Ọ̀gá Àgbà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó hàn pé wọ́n ti rẹ́ òun náà jẹ níbi tó ti ń kó wọn wọlé, ó sì hàn pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

"Ẹni tó kọ lẹ́tà yìí," ó ní nígbẹ̀yìn, "irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Aránṣọ ni, sà."

"Ṣé kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn?"

Ó pàrọ̀ gbogbo mọ́kànlá náà. Nígbà tí Ó-Wà-Ńlẹ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tó ti tà, ó kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ó ní kó kó wọn wá. Méjì nínú wọn yára dá tiwọn padà. Ẹni kẹta, bàbá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní gílóòbù méjì àti rédíò lòun ní, ẹ̀rọ òun ti mọ ọwọ́ òun, òun ò fẹ́ kọ́ èyí tuntun ní ìwà.

Kí wọ́n tó gbé jẹnẹrétọ̀ fún aránṣọ, èèyàn mẹ́ta ló wọ̀n ọ́n: Ó-Wà-Ńlẹ̀, Tíṣà àti onírin, ẹni tó ti wá di alábàápín nínú ọ̀rọ̀ náà láìsí ẹni tó pè é. Gígùn ọgọ́ta, ìbú mẹ́rìnlélógójì àbọ̀, gíga mẹ́rìndínláàádọ́ta. Kílò mẹ́tàlélógójì àbọ̀ láìsí epo nínú rẹ̀. Tíṣà fi kílò mọ́kànlá kún un fún epo bẹntiróò lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti ìdajì kílò fún ọ́ìlì. Ó jẹ́ márùndínlọ́gọ́ta. Aránṣọ gbà, ó sanwó.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Ó-Wà-Ńlẹ̀ ti ya àwòrán obìnrin náà sọ́kàn. Ó rò pé yóò ga, yóò sanra, yóò ní ojú bíi ti adájọ́. Nígbà tí òun àti Rìwáyà dé ibẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí ló jáde wá, pínnì mẹ́fà wà lẹ́nu rẹ̀, tépù wà lọ́rùn rẹ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní láti àárín àwọn pínnì. "Ẹ gbé e sílẹ̀ ná."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó yọ pínnì kúrò lẹ́nu. "Ó pé," ó sọ. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sẹ́yìn."

Ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri ilé àti ògiri aládùúgbò ni wọ́n ń gbà dé ẹ̀yìnkùlé. Rìwáyà di iwájú ẹ̀rọ mú, Ó-Wà-Ńlẹ̀ di ẹ̀yìn mú. Rìwáyà wọlé, ẹ̀rọ wọlé. Ó-Wà-Ńlẹ̀ kò wọlé. Ibi tí páìpù omi ti yọ jáde lára ògiri ni ikùn rẹ̀ há sí. Ó gbìyànjú láti fẹ̀gbẹ́ rìn, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Rìwáyà ń fà á síwájú, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn.

Aránṣọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo ọkùnrin náà, ó kọ́wọ́ mọ́ tépù ọrùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀yin nìkan ni n ò béèrè ìwọ̀n yín."

"Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n, mà," ó dáhùn pẹ̀lú èémí tó kù. "Méjìlélọ́gọ́rin."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ sọ̀ kalẹ̀. Ó mí síta títí tí kò fi sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì yọ kọjá pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tó já bọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Aránṣọ ṣa bọ́tìnnì náà nílẹ̀, ó fi sápò. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí wàhálà. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sókè, wọ́n tì í wọ inú àgò, ó sì wọlé tí ọmọ ìka méjì méjì ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sàléńsà kọjú sí ìta, ó jìnnà sí gbogbo fèrèsé. Rìwáyà da ọ́ìlì sí i, nítorí pé kì í bá ọ́ìlì wá láti ilé iṣẹ́, wọ́n da epo díẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dáhùn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, aránṣọ tan áyọ̀ọ̀nù, ó tan ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì. Gílóòbù tó wà lókè kò ṣẹ́jú. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì lára Ó-Wà-Ńlẹ̀, ó gán bọ́tìnnì padà ní ìṣẹ́jú kan, ó dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fa yúnífọ́ọ̀mù kan mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán.

Rìwáyà ti jáde lọ sínú ọkọ̀. Ó-Wà-Ńlẹ̀ ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fetí sí ẹ̀rọ tó ń dún láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn kan, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

"Ṣé nǹkan kan kù ni?" aránṣọ bi í, láìgbójú kúrò lára aṣọ.

"Rárá, mà."

"Ẹ fìdí kalẹ̀ nígbà náà. Ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Ó gbé yúnífọ́ọ̀mù díẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó kó wọn lé itan, ó sì jókòó.